Iṣẹ́ Mẹ́ta Tí Aránṣọ Lè Fi Ẹ̀rọ Kan Ṣoṣo Ṣe Yàtọ̀ sí Aṣọ Oníbàárà

Owó iṣẹ́ aránṣọ kì í wọlé bákan náà láti oṣù dé oṣù. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ń bọ̀, aṣọ a kún inú ṣọ́ọ̀bù débi pé aránṣọ kì í rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kìíní bá wọlé, tí àwọn ènìyàn ti ná owó ọwọ́ wọn tán sí ọdún àti sí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ẹ̀rọ a dákẹ́. Owó ṣọ́ọ̀bù kì í dákẹ́ ní tirẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe kọ àlàyé yìí fún àwọn aránṣọ tí wọ́n ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí wọn kò sì ní owó tí wọn yóò fi ra òmíràn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni a yàn: títún aṣọ ṣe, rírán aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, àti rírán àpò láti inú àgékù ankara. A yàn wọ́n nítorí pé kò sí èyí tí ó ju agbára ẹ̀rọ lásán lọ nínú wọn.

Ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ni èyí tí a ń fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yí, tí ó ń rán ojú òwú gbọọrọ kan. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: kò nílò iná mànàmáná, ó sì lágbára láti gún aṣọ tí ó nípọn. Àmọ́ ó ní ààlà méjì tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó gba iṣẹ́. Èkíní, kò lè wífù etí aṣọ, nítorí náà gbogbo etí tí a bá gé ni a ní láti ṣẹ́ pọ̀ tàbí kí a rán mọ́ inú, kí òwú má baà máa tú jáde bí a bá ti fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, ojú òwú gbọọrọ kì í fà. Bí a bá fi rán aṣọ tí ń fà bíi síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ eré ìdárayá, òwú náà yóò já ní ọjọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ na apá. Ẹni tí ó bá mọ ààlà méjèèjì yìí kò ní gba iṣẹ́ tí yóò dójú tì í.

Títún aṣọ ṣe

Gbogbo ènìyàn ló mọ àwọn ọ̀bíọ́mà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kiri àdúgbò, tí wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì kan ara ẹ̀rọ kí onílé lè gbọ́ pé wọ́n ń kọjá. Àwọn aránṣọ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù a máa fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò gba owó aṣọ, kò gba síìpù púpọ̀, owó rẹ̀ sì ń wọlé lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí ó ń wá jù lọ ni gígé ṣòkòtò kúrú, fífún ìdí aṣọ òkìríkà pọ̀, pípààrọ̀ síìpù, àti títú ìṣẹ́tí aṣọ ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ti ga sí i kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ kí a mú ṣòkòtò jíìnsì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó ń ba aránṣọ lórúkọ jẹ́ jù. Bí a bá kàn gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a sì ṣẹ́ ẹ tuntun, ìṣẹ́tí tí ó ti ṣá tí ó sì lẹ́wà yóò bá a lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i ni yóò mọ̀ pé a gé e. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a dá ìṣẹ́tí àkọ́kọ́ náà sí. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí ṣòkòtò fi íǹṣì 2 kúrú, ìdajì rẹ̀, èyí ni íǹṣì 1, ni a óò wọ̀n láti òkè ìṣẹ́tí náà lọ sókè, a ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Lẹ́yìn náà, a ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò níbi àmì yẹn, ojú sí ojú, títí ìṣẹ́tí àkọ́kọ́ yóò fi hàn ní etí ìká náà. Ìká tí ó jẹ́ íǹṣì 1 ń gba aṣọ íǹṣì 2, nítorí ẹ̀gbẹ́ méjì ni ó ní. A ó rán an yí ká ní ẹ̀bá ìṣẹ́tí gan-an láìgun orí rẹ̀, a ó yí i padà, a ó sì lọ̀ ọ́. Ìṣẹ́tí àtijọ́ ni yóò wà nísàlẹ̀, ojú òwú tuntun yóò sì fara pamọ́ sí ẹ̀bá rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni ibi tí ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ ti pàdé ìṣẹ́tí, nítorí aṣọ ibẹ̀ nípọn ju ti ibòmíràn lọ. Abẹ́rẹ́ yóò tẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ́ bí a bá sáré kọjá ibẹ̀. Kí a fi abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 sí i, kí a fi òòlù kékeré lu ibi tí ó ga náà títí yóò fi rọ̀, kí a sì fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀rọ ní ojú òwú bíi mẹ́wàá tí ó kọjá ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń fo òwú, abẹ́rẹ́ ni ó ti kú tàbí tí ó kéré jù. Bí òwú bá sì ń dì pọ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ nísàlẹ̀ aṣọ, òwú òkè ni kò wọlé dáadáa sí ààrin irin tí ń mú un le. Kí a tú u, kí a tún un kì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí a ní láti sọ fún oníbàárà kí a tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ rẹ̀. Bí a bá tú ìṣẹ́tí aṣọ tí ó ti pẹ́ sílẹ̀, ìlà kan yóò hàn níbi tí oòrùn àti ọṣẹ kò ti dé rí. Kí a tú ìwọ̀n íǹṣì kan péré wò lójú rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sọ bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀. Kí a jẹ́ kí ó wọ aṣọ náà, kí a fi píìnì mú un, kí a kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé, kí a sì gba owó wa ṣáájú. Aṣọ àtúnṣe ni aṣọ tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù jù.

Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrọ̀rí

Iṣẹ́ kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, nítorí pé a lè rán an sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì kò ní àyà, kò ní ìdí, ẹnikẹ́ni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá bá ìwọ̀n náà mu ló lè rà á. Ilé tuntun, ìyàwó tuntun, ilé ìtura kékeré, àti àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé-ìwé gbígbé ni wọ́n ń rà á. Aṣọ rẹ̀ wà ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn àti ní Balógun ní Èkó, wọ́n sì ń tà á ní ọ̀pá. Àwọn tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 94 ni kí ẹ béèrè, kí ẹ má baà máa so aṣọ pọ̀ ní àárín bẹ́ẹ̀dì.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni wíwọn fóòmù fúnra yín. Fóòmù tí ọjà ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 4½ sí 6 yẹ kí ó jẹ́ íǹṣì 54 ní ìbú àti 72 ní gígùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ íǹṣì 75 ní gígùn. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ yóò rán aṣọ tí íǹṣì 3 dín nínú rẹ̀, kò sì ní wọ orí fóòmù.

Ẹ jẹ́ kí a rán èyí tí ó ní rọ́bà ní igun, fún fóòmù tí ó jẹ́ íǹṣì 54 sí 75, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 8. Ní ìbú, a ó mú 54, a ó fi gíga ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kún un, ìyẹn 16, a ó sì fi íǹṣì 3 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún èyí tí yóò wọ abẹ́ fóòmù àti fún ọ̀nà rọ́bà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 76. Ní gígùn, 75 àti 16 àti 6 jẹ́ 97. A ó gé aṣọ náà ní íǹṣì 76 sí 97.

Igun ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà. Gíga fóòmù jẹ́ 8, èyí tí ó wọ abẹ́ jẹ́ 3, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 11. Ní igun kọ̀ọ̀kan, a óò gé apá onígun mẹ́rin kan kúrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe 11 ni a óò gé, bí kò ṣe 10½, nítorí pé ìdajì íǹṣì ni ojú ìrán yóò jẹ. Ẹni tí ó bá gé 11 yóò rí i pé aṣọ náà fún mọ́ fóòmù, igun rẹ̀ yóò sì máa bọ́ lóru. Lẹ́yìn gígé, a ó so etí méjèèjì tí ó wà ní igun pọ̀. Nítorí pé ẹ̀rọ wa kò lè wífù, ẹ̀ẹ̀mejì ni a óò rán an. A ó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn aṣọ kan ẹ̀yìn aṣọ, a ó rán an ní ¼ íǹṣì sí etí, a ó gé etí náà kù sí ⅛. Lẹ́yìn náà, a ó yí i padà kí ojú kan ojú, a ó sì tún rán an ní ¼ íǹṣì. Etí tí ó ń tú yóò há sínú, a kò sì ní rí i mọ́.

Fún rọ́bà, a ó ṣẹ́ etí aṣọ ní íǹṣì 1 yí ká, kí a ká ¼ rẹ̀ sínú kí a tó rán an. Kò di dandan kí rọ́bà yí gbogbo rẹ̀ ká. Ní igun kọ̀ọ̀kan, a ó sàmì sí íǹṣì 10 ní apá ọ̀tún àti íǹṣì 10 ní apá òsì ojú ìrán, a ó ki rọ́bà tí ó jẹ́ íǹṣì 10 sínú ọ̀nà náà, a ó fà á títí yóò fi kan àmì méjèèjì, a ó sì rán orí rẹ̀ lọ-bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Rọ́bà íǹṣì 40 ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà.

Fún ìrọ̀rí tí ó jẹ́ íǹṣì 18 sí 27, àpò tí ó jẹ́ 19 sí 28 ni ó bá a mu. Aṣọ kan gbọọrọ tí ó jẹ́ íǹṣì 20 sí 64 tó fún un: 28 fún ojú, 28 fún ẹ̀yìn, 6 fún ewé tí yóò bo ẹnu rẹ̀ nínú, àti 1 fún ìṣẹ́tí ní orí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣẹ́ orí méjèèjì, a ó tẹ́ aṣọ náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, a ó ká ewé 6 náà wọlé, a ó sì ká íǹṣì 28 ti apá kejì bò ó. A ó rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ¼ íǹṣì, a ó gé etí rẹ̀ kù, a ó yí i padà, a ó sì tún un rán, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní igun.

Aṣọ tí a óò rà wá di íǹṣì 97 fún orí bẹ́ẹ̀dì àti íǹṣì 40 fún àpò ìrọ̀rí méjì, ìyẹn 137. Ọ̀pá mẹ́rin jẹ́ íǹṣì 144, ó sì tó. Ṣùgbọ́n aṣọ òwú a máa súnkì. Kí ẹ tó gé aṣọ tuntun kankan, ẹ gé ègé kékeré kan tí ó jẹ́ íǹṣì 10 sí 10, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Bí ó bá di 9½, aṣọ íǹṣì 97 yóò pàdánù bíi íǹṣì 5, oníbàárà yóò sì dá a padà lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pá 4¼ ni kí ẹ rà, kí ẹ fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e.

Àpò láti inú àgékù

Nínú aṣọ tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 94 tí a gé 76 lára rẹ̀, íǹṣì 18 ni ó kù ní ẹ̀gbẹ́, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 97, bí aṣọ náà kò bá ti súnkì. Kí a má ṣe jù ú nù. Ó tó láti fi ṣe láínìn fún àpò ìnájà méjì. Ojú àpò náà ni a óò fi àgékù ankara rán.

Àpò kọ̀ọ̀kan gba ègé ankara méjì tí ó jẹ́ íǹṣì 15 sí 17, àti láínìn méjì tí ìwọ̀n wọn jẹ́ bákan náà. Bí a bá rán an tán, tí a ká ẹnu rẹ̀ ní íǹṣì 1½, yóò jẹ́ 14 ní ìbú àti 15 ní gíga, ó sì tó láti gba ìwé tàbí ẹrù ọjà díẹ̀. Fún ìdìmú, a ó gé aṣọ méjì tí ó jẹ́ íǹṣì 4 sí 24. A ó ká etí méjèèjì pàdé ní àárín, a ó ki sitéè tí ó jẹ́ íǹṣì 1 sínú rẹ̀, a ó tún un ká sí méjì, a ó sì rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ìdìmú ni ó kọ́kọ́ máa ń já. Bí a bá rán an mọ́ ẹnu àpò pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo, ìlà yẹn nìkan ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù. Kí orí ìdìmú wọ inú ìká ẹnu àpò ní íǹṣì 1½, kí a rán an bí àpótí onígun mẹ́rin, kí a sì fa ìlà méjì kọjá ara wọn láti igun dé igun nínú àpótí náà. Kí ẹ tó ta àkọ́kọ́, ẹ kó ìrẹsì kílò márùn-ún sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ di ọjọ́ kejì. Bí ihò abẹ́rẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ẹ máa lo ojú òwú tí ó gùn díẹ̀ sí i, nítorí èyí tí ó sún mọ́ra jù ń gé aṣọ bí ìgbà tí a fi abẹ́ là á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì níhìn-ín. Àgékù aṣọ tí oníbàárà gbé wá, ohun ìní oníbàárà ni. Ìjà tí ó ń ba orúkọ aránṣọ jẹ́ jù ni kí oníbàárà rí aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ kó àgékù rẹ̀ fún un pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tí a ti rán, kí ẹ sì bi í bóyá yóò fẹ́ kí ẹ fi rán àpò tí ó bá aṣọ náà mu. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbà, wọn a sì san owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí kò bá fẹ́ ẹ lè sọ fún yín pé kí ẹ mú un, ìgbà náà ni ó di tiyín.

Bí a ṣe ń mọ iye tí a óò tà á

Àwọn aránṣọ mìíràn a máa wo iye tí wọ́n fi ra aṣọ, wọn a fi díẹ̀ lé e, wọn a sì pe ìyẹn ní èrè. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì kan pẹ̀lú àpò ìrọ̀rí méjì. Iye tí a lò níhìn-ín jẹ́ fún àpẹẹrẹ nìkan, kí kálukú fi iye ọjà ìlú rẹ̀ dípò rẹ̀.

Ká ní ọ̀pá aṣọ kan jẹ́ ₦2,500, ọ̀pá mẹ́rin jẹ́ ₦10,000. Rọ́bà àti òwú jẹ́ ₦600, ọ̀rá tí a óò dì í sí jẹ́ ₦200. Owó ọkọ̀ lọ sí ọjà jẹ́ ₦2,000, ṣùgbọ́n aṣọ mẹ́rin ni a rà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ₦500 ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. A yọ ₦300 sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ, fún abẹ́rẹ́, òróró àti àtúnṣe. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦11,600 kí a tó ka agbára wa. Bí iṣẹ́ náà bá gba wákàtí 2½, tí a sì fẹ́ ₦1,000 fún wákàtí kan, ₦14,100 ni ó yẹ kí a tà á.

Ká wá ní ₦13,000 ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ lọ́jà. Bí a bá tà á bẹ́ẹ̀, ₦1,400 ni yóò kù fún wákàtí 2½, ìyẹn ₦560 fún wákàtí kan. Kí a má ṣe sọ pé ọjà kò dára, kí a kọ́kọ́ wo àkókò tí a ń lò. Ẹni tí ó bá gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, tí ó rán gbogbo igun tán kí ó tó kan ìṣẹ́tí, tí ó sì rán gbogbo ìṣẹ́tí tán kí ó tó kan rọ́bà, lè parí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 1½. ₦1,400 náà yóò wá di bíi ₦930 fún wákàtí kan. Bí ó bá ṣì kéré lójú yín lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ àtúnṣe ni kí ẹ fi àkókò yẹn ṣe, nítorí kò sí owó aṣọ nínú rẹ̀.

Ìtọ́jú ẹ̀rọ kan ṣoṣo

Ẹ̀rọ kan tí ó ń bọ́ iṣẹ́ mẹ́rin, bí ó bá dákẹ́, iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó dákẹ́. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì àti jíìnsì a máa já èérún òwú sí abẹ́ irin tí ó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tú irin náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ibẹ̀, ẹ kán òróró ẹ̀rọ kan-kan sí àwọn ihò rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ rán àkísà títí òróró kò fi ní tọ aṣọ mọ́. Ẹ má ṣe lo òróró ìdáná, nítorí yóò dì mọ́ inú rẹ̀.

Ẹ pín ọ̀sẹ̀ yín pẹ̀lú. Aṣọ tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kí àtúnṣe ní wákàtí kan tàbí méjì tirẹ̀ lójoojúmọ́, kí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì àti àpò sì jẹ́ ti ọjọ́ tí iṣẹ́ dín kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì méjì péré, kí ẹ má fi owó tí ẹ fẹ́ san fún ṣọ́ọ̀bù ra aṣọ sílẹ̀. Ìgbà tí méjì bá tà tán ni kí ẹ tó ra mẹ́rin.